Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi háífínì sílẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi

Inú ń bí mi, mi ò ní lè gbé e mì. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, owó yíyá ló yẹ ká fi gbogbo àsìkò sọ. Àwọn tó fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ ti jókòó, wọ́n ń wojú ìgbìmọ̀. Akọ̀wé wa, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó kúrò ní yunifásítì, pín àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá fún wa. Kò tíì fìdí kalẹ̀ tí bàbá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí fi na ìwé náà sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí, ilé ìwé wo lo lọ? Ta ló kọ́ ẹ pé báyìí ni wọ́n ń kọ 'co-operate'? Háífínì rẹ̀ dà?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

Bàbá ò gbọ́. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ba èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, ó ní fóònù ló sọ wọ́n dọ̀lẹ. Ó yí ojú ìwé, ó tún rí "reelect" níbi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn olóyè tí a tún yàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Alága ń bẹ̀ ẹ́, ìyá kan ń kùn pé òun fẹ́ tètè padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó yíyá máa fi kàn, ìdajì ènìyàn ti lọ. Lórí igi tíńtín méjì!

Iṣẹ́ tí mo ń jẹun nínú rẹ̀ ni kí n máa yẹ ìwé wò kó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀.

Háífínì yẹn kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi í síbẹ̀ láti ran ojú lọ́wọ́ ni. "Co" àti "re" jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì rí gbà láti inú èdè Látìnì. Bí "co" bá pàdé "operate", fáwẹ̀lì "o" méjì á fara kanra, ojú ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sì ti mọ́ "oo" inú "school" àti "food". Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe "coop", ilé adìyẹ. Bákan náà ni "reelect" ṣe lè kọ́kọ́ dà bíi "reel", ohun tí wọ́n ń ká òwú sí. Háífínì wá dá fáwẹ̀lì méjèèjì lẹ́kun: ìwọ dúró síhìn-ín, ìwọ dúró sọ́hùn-ún.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Ìwé ìròyìn New Yorker ní Amẹ́ríkà kì í fi háífínì sí i. Àmì tóótòòtó méjì ni wọ́n ń fi lé fáwẹ̀lì kejì lórí: "coöperate", "reëlect". Títí dòní ni wọ́n ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò lè bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ o, àwa tá a ń fi àmì sórí fáwẹ̀lì látàárọ̀ dalẹ́!

Nígbà tí ojú bá ti wá mọ ọ̀rọ̀ kan dáadáa, kò nílò ìrànlọ́wọ́ mọ́, háífínì á sì yọ́ lọ. Ẹ ṣí lẹ́tà tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹ ó rí "to-day" àti "to-morrow". Bàbá wa yìí fúnra rẹ̀ kì í kọ "to-day". Ta ló bá a yọ háífínì tirẹ̀? Ní 2007, nígbà tí àwọn ará Ọ́sífọ́dù tún ìwé atúmọ̀ èdè wọn tó kúrú díẹ̀ tẹ̀, háífínì kúrò nínú ọ̀rọ̀ bí 16,000. Àwọn kan di ọ̀rọ̀ méjì, àwọn kan lẹ̀ pọ̀. Ṣé fóònù ló sọ àwọn ará Ọ́sífọ́dù náà dọ̀lẹ?

Ti AP, ilé iṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà, ló dùn mọ́ mi jù. Ìlànà wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bí fáwẹ̀lì ìparí àfòmọ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí háífínì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ "cooperate" àti "coordinate" sílẹ̀ nínú òfin náà. Torí náà, akọ̀ròyìn kan náà á kọ "cooperate" láìsí háífínì, á sì kọ "re-elect" pẹ̀lú háífínì, kò sì ṣẹ̀. Nígbà tí Obama wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní 2012, "re-election" ni ìlànà wọn. Ní 2019, wọ́n yí i padà: àwọn ọ̀rọ̀ tí "re" tàbí "pre" bá ti pàdé "e" kò gba háífínì mọ́. Nígbà tí Trump máa fi tún dupò ní 2020, ó ti di "reelection". Ní Bìrìtìkó, ọ̀pọ̀ ṣì ń kọ "re-elect", bí wọ́n tilẹ̀ ti jẹ́ kí "cooperate" lọ ní tirẹ̀.

Ibi tí Bàbá ti rí ẹsẹ̀ dúró, mi ò ní fi pamọ́. Òfin tó de ẹgbẹ́ bíi tiwa ń jẹ́ Nigerian Co-operative Societies Act, háífínì wà níbẹ̀ gbangba. Abala 19 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ̀rọ̀ nípa "international co-operation", bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1945. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Orúkọ ẹgbẹ́ wa lórí sàtífíkéètì ní háífínì, bó ṣe wà níbẹ̀ sì ni ká máa kọ ọ́ sórí ìwé báńkì, kí ẹnikẹ́ni má baà ní orúkọ ò bára mu. Ṣùgbọ́n orúkọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà lò nínú àkọsílẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì kọ ọ́ bákan náà láti òkè délẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé tó ń dé orí tábìlì mi kì í ṣe.

Àwọn kan ti ń múra láti sọ pé bí a bá ti jẹ́ kí èyí lọ, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ. Rárá o. "Resign" ni kéèyàn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, "re-sign" ni kó tún tọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tó bá yọ háífínì yẹn nínú ìròyìn bọ́ọ̀lù ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ nígbà tí ọkùnrin ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àdéhùn tuntun. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́, kò síbi tó ń lọ.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni "co-opt". Ìwé ìlànà ẹgbẹ́ wa gba ìgbìmọ̀ láyè láti fa ènìyàn kan mọ́ra bí àyè bá ṣófo, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lò nìyẹn. Bí ti "cooperate" bá ti lọ, kí ló dé tí èyí ò lọ? Ìwé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé kọ "cooperate" papọ̀, ó sì fi "co-opt" àti "co-op" sílẹ̀ pẹ̀lú háífínì. Ti "co-op" yé mi, ilé adìyẹ ló ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n "coopt" ò jọ nǹkan kan tí mo mọ̀, kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà ju "cooperate" lọ, síbẹ̀ ọwọ́ mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, mo sì dá háífínì rẹ̀ padà. Mi ò lè fi òfin kankan gbe ara mi lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yẹ ìwé wò, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́?