Fatiláísà Tí Ẹ̀wà Ò Bèèrè

Ọdọọdún tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí ìjọba bá kó fatiláísà jáde fún àwọn àgbẹ̀, NPK àti yúríà náà ni. Ẹni tó gbin àgbàdo tò, ó gbà á. Ẹni tó gbin ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí sóyà náà tò, irú àpò kan náà ni wọ́n gbé fún un. Ètò GES tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2012, àpò NPK kan àti àpò yúríà kan ló ń bá àgbẹ̀ san ìdajì owó rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ní ìparí 2016, NPK 20-10-10 ló gbájú mọ́. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ni pé kò yẹ kí ẹlẹ́wà àti alágbàdo máa gba irú àpò kan náà. Owó ìlú ń ṣòfò, ilẹ̀ ò sì jèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ wá. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà 100, 78 nínú rẹ̀ jẹ́ náítírójìn. Náítírójìn yìí ló ń mú ewé dúdú, òun náà ló wà nínú yúríà. Àmọ́ èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ so mọ́ra ní méjì-méjì, ó sì yi débi pé kò sí ewéko kankan tó lè tú u fúnra rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ yúríà tó wà ní Ẹlẹ́mẹ̀ nítòsí Pọ́tákọ̀ọ́tù àti ní Lẹ́kkí ń jó gáàsì, wọ́n ń mú un gbóná kọjá 400 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń fún un mọ́ra gidigidi, kí wọ́n tó rí i tú.

Bakitéríà kan ń ṣe iṣẹ́ yẹn lábẹ́ ilẹ̀ láìdáná. Ráísóbíà ni wọ́n ń pe ẹbí rẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Á gba ẹnu irun gbòǹgbò ẹ̀wà wọlé, ẹ̀wà á wú kókó kékeré kan fún un láti gbé, á sì máa fi ṣúgà tí ewé ṣe láti inú oòrùn bọ́ ọ. Bakitéríà náà á máa tú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, á sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀wà lè jẹ, á sì kó o fún onílé rẹ̀. Láti ọdún 1888 ni àwọn ará Jámánì méjì, Hẹ́líríígẹ́lì àti Wílífáàtì, ti kọ ọ́ síta pé inú kókó wọ̀nyí ni àṣírí náà wà.

Ibi tí ìjọba ti ń ṣì í nìyí. Ṣúgà tí ẹ̀wà fi ń bọ́ bakitéríà yìí kì í ṣe kékeré, nítorí náà bó bá rí náítírójìn nínú ilẹ̀, kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Á jẹ èyí tó wà nílẹ̀, kò sì ní wú kókó púpọ̀. Àgbẹ̀ tó da yúríà sí oko ẹ̀wà á rí ewé tó dúdú minimini, inú rẹ̀ á dùn, kò ní mọ̀ pé ohun tí òun ì bá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lòun ń fi owó rà. Lórí ilẹ̀ yanrìn tó ti gbó pátápátá, ìwọ̀nba díẹ̀ lè ran ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kí kókó tó yọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ̀wà nílò gan-an ni fọ́sífeètì, oúnjẹ ewéko mìíràn tí kò sí nínú afẹ́fẹ́, nítorí bakitéríà náà kò lè ṣiṣẹ́ bí èyí bá wọ́n. Nínú orúkọ NPK 20-10-10, 20 ni iye náítírójìn nínú 100, 10 tó tẹ̀lé e ni ti fọ́sífeètì; nítorí náà, àpò kan tó wọn kílò 50, kílò 10 náítírójìn ló wà nínú rẹ̀, fọ́sífeètì rẹ̀ kò ju kílò 5. Ẹlẹ́wà tó ń wá fọ́sífeètì wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra ìlọ́po méjì ohun tí kò fẹ́, ohun tí kò fẹ́ náà á sì tún dá iṣẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ dúró. Àpò súpà fọ́sífeètì kan, kílò 50 náà ni, ní fọ́sífeètì kílò 9, kò sì ní náítírójìn rárá. Kí ló dé tí kò sí lórí ìlà tí wọ́n ti ń pín nǹkan?

Ọ̀rọ̀ sóyà tún yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà rí bakitéríà tó bá wọn mu nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa. Àlejò ni sóyà. Éṣíà ló ti wá, ọdún 1904 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín wò ní oko ìwádìí Moor Plantation, Ìbàdàn, kì í sì í ṣe gbogbo bakitéríà ilẹ̀ wa ló ń bá a ṣe. Nígbà tó yá, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn mú àwọn irú tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx jáde, irú bíi TGx 1448-2E, tí wọ́n ń gba bakitéríà ilẹ̀ wa mọ́ra. Àmọ́ gbígbà mọ́ra kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ á pé. Ìdí nìyẹn tí IITA fi tún ń ṣe ìyẹ̀fun bakitéríà tí à ń yí mọ́ irúgbìn, NoduMax lorúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ọkọ̀ òkun tó ń gbé e bọ̀.

Ohun abẹ̀mí ni ìyẹ̀fun náà, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bàjẹ́. Bí ó bá jókòó sínú ìsọ̀ páànù nínú oòrùn oṣù kẹta, òkú ni àgbẹ̀ máa rà, páálí rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀. Abẹ́ ibòji ló yẹ ká ti fi omi ṣúgà tàbí gọ́ọ̀mù rin irúgbìn díẹ̀, ká da ìyẹ̀fun lé e, ká yí i títí yóò fi bo gbogbo hóró, ká sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. A kò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ fatiláísà, a kò sì gbọ́dọ̀ yí i mọ́ irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò pa lára.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́? Kò gba ilé àyẹ̀wò. Bí ó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a gbìn ín, tí òdòdó ń yọ, kí a fi ọkọ́ wa gbòǹgbò rẹ̀ tèrètèrè. Ẹ má fà á tu, inú ilẹ̀ ni kókó á já sí. Kí a ṣan yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nù nínú omi, kí a fi èékánná la kókó mélòó kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹran tútù, iṣẹ́ ń lọ, nítorí ohun tó jọ èyí tó ń pọ́n ẹ̀jẹ̀ wa ló wà níbẹ̀. Bó bá funfun, kò tíì dàgbà, tàbí kó jẹ́ ọ̀lẹ bakitéríà ló ń jẹun lásán. Bó bá ti di àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ó ti kú. Nǹkan kan wà tó ń tan àgbẹ̀ jẹ: kòkòrò wínníwínní tó ń jẹ gbòǹgbò náà ń mú un wú. Àmọ́ wíwú tiẹ̀, gbòǹgbò gan-an ló wú, kò ṣe é ká kúrò. Kókó ráísóbíà ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló lẹ̀ mọ́, ọwọ́ lásán á ká a bọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń polówó ẹ̀wà kì í fẹ́ sọ: gbígbin ẹ̀wà nìkan kò sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Ẹ jẹ́ ká fojú dá sóyà hẹ́kítà kan ní Òkè-Ògùn, tó so tọ́ọ̀nù kan. Nínú hóró sóyà, náítírójìn máa ń tó kílò 6 nínú 100, nítorí náà kílò 60 ló máa bá àpò lọ sí ọjà. Ká ní ewé, igi àti gbòǹgbò gbé 25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 85. Bí bakitéríà bá ṣe ìdajì iṣẹ́, nǹkan bíi 42 ló ti ojú afẹ́fẹ́ wá, 60 sì jáde lóko. Ilẹ̀ jẹ gbèsè 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ewé àti igi dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá tún hú igi náà lọ fún ewúrẹ́, tí 15 bá a lọ, gbèsè di 33. Àgbàdo tọ́ọ̀nù méjì lè kó 30 lọ, kò sì mú ohunkóhun wá láti inú afẹ́fẹ́.

Ká wá ní iṣẹ́ bakitéríà dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kílò 64 ló wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò yúríà mẹ́ta, nítorí 23 ló wà nínú àpò kan. Bí igi àti ewé bá dúró lóko, ilẹ̀ á jèrè 4. Bí wọ́n bá kó o lọ, gbèsè náà ni. Nítorí náà, kí a fi àdá tàbí dòjé gé sóyà ní ìpìlẹ̀ kí gbòǹgbò kù sílẹ̀, kí a pa á nínú oko, kí a sì fọ́n èèpo rẹ̀ padà. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ fi bọ́ ewúrẹ́, kó dá ìgbẹ́ ewúrẹ́ padà sóko.

Àwọn kan á ní ká kúkú gbin èyí tí a kò ní kórè. Ó dára, àwọn ará Ajá ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti dán an wò ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n fi irú yèrèpè tí kì í yún ara bo ilẹ̀. Ó pa koríko ẹ̀kan, àgbàdo tó tẹ̀lé e sì ṣe dáadáa. Àmọ́ ó gba ilẹ̀ fún odidi àsìkò kan, irúgbìn rẹ̀ kò sì ṣe é sè jẹ bí ẹ̀wà. Àgbẹ̀ tí hẹ́kítà kan péré jẹ́ gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò ní í fi oúnjẹ ọdún kan ra èyí. Lójú tiwa, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ló máa gba ọ̀nà yìí ní ilẹ̀ Yorùbá, kí a kàn máa ṣe é bó ṣe yẹ.

A mọ ìdí tí àwọn olóṣèlú fi fẹ́ràn àpò. Àpò ṣe é tò síwájú kámẹ́rà, páálí ìyẹ̀fun kékeré kò ṣe é tò. Síbẹ̀, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa kò le. Láti àsìkò òjò tó ń bọ̀, kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí sóyà gba súpà dípò NPK àti yúríà. Kí olóko sóyà gba ìyẹ̀fun bakitéríà tó ní déètì lára, tó sì wà níbi tútù títí dé ọwọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àgbẹ̀ wa gbòǹgbò mẹ́wàá mẹ́wàá ní oko mélòó kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ àwọ̀ inú kókó sílẹ̀. Kí wọ́n má sì san owó tán fún kọngílá tó kó ìyẹ̀fun náà wá, àfi bí inú kókó bá pọ́n.