Ẹ Gba Kíríátíìnì Aláìsàn Lọ́wọ́ Ọlọ́jà

Ìdáhùn tí àwọn aláṣẹ ìlera fọ́n síta lórí ìpolówó kíríátíìnì, ìyẹ̀fùn tí àwọn eléré ìdárayá máa ń mu kí iṣan wọn lè lágbára, kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá. Wọ́n ní oúnjẹ amáralókun ni, kì í ṣe oògùn, nítorí náà kò kàn wọ́n. Àmọ́ ẹni tó ń tà á kò pè é ní oúnjẹ. Ohun tó ń sọ fún àwọn òbí ni pé yóò gbé ọmọ tí àrùn ń gbẹ iṣan rẹ̀ dìde. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń wí bọ̀ náà la tún ń wí: abẹ́ dókítà tó mọ àìsàn iṣan ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lò ó.

A kò ní kò wúlò. Ní Kánádà, ọmọkùnrin 30 tó ní àrùn Dúṣẹ́ẹ̀nì, àrùn àbímọ́ tó máa ń gbẹ iṣan ọmọkùnrin, lò ó fún oṣù 4, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Ọwọ́ wọn túbọ̀ le láti di nǹkan mú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò tìtorí ẹ̀ rọrùn fún wọn. Ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn jẹ́ gíráàmù 1 fún kílò 10, ìyẹn gíráàmù 2 lójúmọ́ fún ọmọ tó wúwo tó kílò 20. Àwọn eléré ìdárayá a máa mu tó gíráàmù 20 lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá tó bá ń tẹ̀lé ìlànà tiwọn yóò fún ọmọ rẹ̀ ní ìlọ́po 10.

Orúkọ àìsàn náà sì tún ṣe pàtàkì. Nínú àrùn Makáádù, níbi tí iṣan kò ti lè lo ṣúgà tó fi pamọ́, àwọn oníwádìí ní Jámánì rí i pé ìwọ̀n kékeré ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kún un, ìrora iṣan wọn le sí i. Ta ni yóò mọ èyí lórí káńtà?

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ti kídìnrín. Kíríátínínì, pàǹtí tí kíríátíìnì máa ń dà, ni ilé ìwòsàn sábà máa ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá kídìnrín ń ṣiṣẹ́; bó bá ga, wọ́n á fura pé kídìnrín ń kùnà. Inú iṣan ni kíríátínínì ti ń wá, nítorí náà ọmọ tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ kì í ní púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kídìnrín rẹ̀ lè ti ń kùnà kí èsì àyẹ̀wò ṣì dára lójú. Bó bá sì ń mu ìyẹ̀fùn yìí, èsì náà lè ga láìjẹ́ pé kídìnrín ní àléébù kankan. Àyẹ̀wò kídìnrín mìíràn tí wọ́n ń pè ní sisitatíìnì C, tí kò gbára lé iṣan, ni dókítà tó mọ̀ ọ́n yóò béèrè fún.

Ṣé ìwọ̀nyí ni kò kan àwọn aláṣẹ? Kí wọ́n fòfin de ìpolówó tó ń ṣèlérí ìwòsàn. Kí wọ́n mú kí wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé aláìsàn iṣan kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà iṣan fọwọ́ sí i. Lẹ́tà kan péré ni iṣẹ́ náà gbà, a sì fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọn yóò kọ ọ́.