Ẹ kọ iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oṣù sójú ewé kan náà

Ní ọdún 1971, Ann Oakley, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, jókòó ti obìnrin 40 ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń bi wọ́n nípa iṣẹ́ ilé gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń bi ọkùnrin nípa iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wákàtí mélòó lẹ fi ń ṣe é lọ́sẹ̀? Ṣé ó máa ń sú yín? Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni gbogbo wọn. Nígbà tó ro wákàtí wọn pọ̀ tó sì pín in dọ́gba, wákàtí 77 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó ṣe jù lọ ṣe 105, ẹni tó ṣe kéré jù lọ ṣe 48.

Ẹni tó ṣe 48 yìí gan-an la fẹ́ kí ẹ bá wa dúró wò. Obìnrin yìí ní iṣẹ́ oṣù tó ń ṣe láàárọ̀ títí dalẹ́. Ẹni tó bá wo ìwé iṣẹ́ ilé nìkan yóò sọ pé òun ló rọ̀ lọ́rùn jù nínú wọn. Ẹni tó bá sì wo ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nìkan yóò rí òṣìṣẹ́ kan bí àwọn yòókù, tó dé lásìkò tó sì lọ lásìkò. Ìwé méjèèjì ò parọ́. Ṣùgbọ́n ara kan ṣoṣo ló ru ẹrù méjèèjì, kò sì sí ewé kan tí wọ́n ti ro ó pọ̀.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí àwọn tó ń ka iṣẹ́ fún ìjọba, àti àwọn tó ń kọ́ni nípa iṣẹ́ ní yunifásítì, ro iṣẹ́ olówó oṣù àti iṣẹ́ ilé pọ̀ lórí ẹnì kan náà, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí, ìwé ìbéèrè kan wà fún ìgbanisíṣẹ́, òmíràn wà fún bí èèyàn ṣe ń lo àkókò rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n yàtọ̀, àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè náà yàtọ̀.

Àìròpọ̀ yìí ti ba ìmọ̀ nípa iṣẹ́ jẹ́ láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1979, Roslyn Feldberg àti Evelyn Nakano Glenn, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mọ ìdí tí inú ọkùnrin fi dùn tàbí bàjẹ́ níbi iṣẹ́, iṣẹ́ náà ni wọ́n ń wò: ẹ̀rọ, ọ̀gá, owó. Bó bá kan obìnrin, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń wò: ọkọ, ọmọ, ìgbà tó ṣègbéyàwó. Tí ó bá rẹ ọkùnrin, wọ́n á ní iṣẹ́ ló le. Tí ó bá rẹ obìnrin, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò béèrè wákàtí mélòó ni ọkùnrin náà fi ń ṣe iṣẹ́ ilé, wọn ò sì béèrè irú ẹ̀rọ tí obìnrin náà ń bá jà lójúmọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ìfẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́. A mọ̀ pé ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1934 ni Margaret Reid, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti fún wa ní òṣùwọ̀n kan tí kò ṣòro: bí a bá lè háyà ẹlòmíràn láti ṣe nǹkan náà fún ọ, tí àǹfààní rẹ̀ á sì ṣì kàn ọ́, iṣẹ́ ni. Èèyàn lè gba ẹni tí yóò fọṣọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá ọ sùn oorun tìrẹ. Àwọn oníṣirò iṣẹ́ lágbàáyé náà sì ti gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, nínú ìpàdé wọn tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé pè ní Jìnífà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ni ohun téèyàn bá ṣe láti pèsè nǹkan fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn, owó ì báà wọlé ì báà má wọlé. Àríyànjiyàn lórí orúkọ ti parí. Kíkà rẹ̀ ló kù.

Ibi kíkà yìí sì ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ìwé àkókò ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n pín ọjọ́ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n sì ní kí èèyàn kọ ohun tó ń ṣe sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó dáná fún wákàtí kan. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú wẹ ọmọ. Ó kọ ọ́ pé òun jẹun fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, ó sì kọ ọ́ pé òun wo tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí kan ààbọ̀, ilẹ̀ bá ṣú. Oníṣirò ro ó: iṣẹ́ ilé, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, ìsinmi, wákàtí kan ààbọ̀.

Ẹ wá fi òpó kejì sí ìwé àkókò náà, kí ẹ bi ìyá náà pé, “Kí ni nǹkan mìíràn tí ẹ tún ń ṣe lásìkò yẹn?” Gbogbo ìgbà tó ń jẹun, ọmọ ló ń fi ṣíbí bọ́, oúnjẹ tirẹ̀ sì tutù sínú àwo. Nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó fi àádọ́ta ìṣẹ́jú ká aṣọ, ó sì fi ogójì tó kù ran ọmọ lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Iṣẹ́ ilé di wákàtí mẹ́rin gbáko, ìsinmi di òfo. Ìrọ̀lẹ́ kan náà ni, ìbéèrè kan ló yí i padà. Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ o: wákàtí tó fi dáná tó tún ń ṣọ́ ọmọ kì í ṣe wákàtí méjì, ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ yóò rí ọjọ́ tó ju wákàtí 24 lọ. Ìgbà tí iṣẹ́ kankan wà lọ́wọ́ ni kí wọ́n kà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Kódà òpó kejì ò lè mú gbogbo rẹ̀. Arlie Hochschild, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tó bá tọkọtaya Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nílé wọn tó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1989, sọ nípa ìyàwó kan àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jà títí tí wọ́n fi pín ilé sí méjì: ìyàwó gba òkè, ọkọ gba ìsàlẹ̀. Òkè ni ilé ìdáná, yàrá, ọmọ àti aṣọ wà. Ìsàlẹ̀ ni ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ajá wà. Wọ́n pè é ní ìpín dọ́gba, àlàáfíà sì wọlé. Hochschild tún rí i pé iṣẹ́ obìnrin ní aago lára, torí ọmọ tí ebi ń pa kò ní dúró di Sátidé, ṣùgbọ́n mọ́tò tó fẹ́ àtúnṣe lè dúró. Láti inú ìwádìí lórí ìlò àkókò tí àwọn mìíràn ti ṣe ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ó ṣírò pé àwọn obìnrin ń fi nǹkan bíi wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ọkùnrin lọ, nílé àti níbi iṣẹ́ pa pọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 52, kí ẹ sì fi 24 pín in: ó lé ní oṣù kan, tọ̀sán-tòru, lọ́dọọdún.

A kò gbàgbé pé ilé mìíràn wà tí ìyá náà fi háyà obìnrin mìíràn. Nígbà náà ẹrù ò tíì kúrò lórí obìnrin, orí ẹlòmíràn ló bọ́ sí, ẹni náà yóò sì tún padà sílé bá tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí fo ibẹ̀ yẹn kọjá. Òun náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìbéèrè, pẹ̀lú wákàtí ilé rẹ̀ àti wákàtí tó fi ń ṣe ti onílé.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí wọ́n fi kún ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò pọ̀: wákàtí iṣẹ́ ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun kejì tó wà lọ́wọ́, àti èyí tí kò lè sún síwájú. Kí wọ́n bi ọkùnrin náà, ní ọ̀rọ̀ kan náà. Kí ìlà tó kẹ́yìn nínú èsì jẹ́ àròpọ̀ méjèèjì, níwájú nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí obìnrin oníwákàtí 48 yẹn má tún rí orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé mọ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ kéré jù.