Èsì ṣọ́ọ̀bù wa: owó tó kúrò lọ́dọ̀ yín tí kò dé ọ̀dọ̀ wa

Oníbàárà: "Olè ni wọ́n o. Mo san 38,500 fún léèsì, bánkì ti yọ owó mi, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Wọn ò fún mi lọ́jà, wọn ò dá owó padà. Ẹ má bá wọn rajà."

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé, mà. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ni mò ń dá yín lóhùn fúnra mi, torí ọ̀rọ̀ "olè" yẹn dùn mí dé egungun, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ta aṣọ ní Gbági, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Sátidé, 14 oṣù kẹfà 2025 ni. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni ẹ tẹ owó yẹn. Ọmọọṣẹ́ mi tó wà ní káńtà dúró tì yín, fóònù ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ̀, alẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Ohun tó wà lójú ríṣíìtì yín ni Pending, kì í ṣe Successful. Ẹ fẹ́ tún un tẹ̀, òun náà ló bẹ̀ yín pé kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ bínú, ẹ lọ. Ẹ ò kọ ìyẹn síbí o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi bẹ̀ yín, kí àwọn tó ń kà á náà gbọ́. Tó bá ti jẹ́ Pending, bánkì yín ti yọ owó, ó ti ránṣẹ́ sí òdìkejì, àmọ́ kò tíì gbọ́ èsì tó dájú. Owó yẹn lè wọlé sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó sì lè padà sọ́dọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá tún un tẹ̀, tí méjèèjì wá wọlé, 77,000 lẹ ti san fún aṣọ kan ṣoṣo, ẹ ó wá máa wá wàhálà méjì kiri. Failed yàtọ̀, òun sábà máa ń padà fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n Pending ni kí ẹ ní sùúrù fún. Gbogbo ìgbà yẹn, kò dé akáǹtì wa rárá, báwo la ṣe fẹ́ dá ohun tí ò dé ọwọ́ wa padà? Bánkì tó yọ owó nìkan ló lè dá a padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ lórí Wásáàpù pé kí ẹ fi nọ́mbà Session ID tó wà lójú ríṣíìtì ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta la bèèrè, mo ṣì ní mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn. Sikirínṣọ́ọ̀tì tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ ti gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, ibẹ̀ gan-an ni nọ́mbà yẹn wà. Díjíìtì 30 ló ní, 6 àkọ́kọ́ ń fi bánkì tí owó ti jáde hàn, 12 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ àti àkókò. Ti yín kà 250614164207 láàárín, ìyẹn 14 oṣù kẹfà 2025, 4:42 ìrọ̀lẹ́ àti ìṣẹ́jú àáyá méje. Session ID yìí ni bánkì fi ń tọpa owó, alẹ́ẹ̀tì lásán ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Mọ́ńdè lẹ tó fi ránṣẹ́. Mo gbé e lọ bánkì mi lọ́jọ́ náà, wọ́n wá a, wọn ò rí i pé ó wọlé, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí íméèlì, mo fi ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú sitétímẹ́ǹtì wa láti Sátidé dé Mọ́ńdè. Ẹ gbé e lọ bánkì yín, Túsìdé, 17, owó padà síbi tó ti jáde. Sọ́ńdè lẹ ti kọ ríbíù yìí, ẹ ò sì tíì yí i padà.

Ẹ̀yin tó kù, tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ tọ́jú ríṣíìtì ní odindi, alẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi yọ owó, sitétímẹ́ǹtì ọjọ́ yẹn. Bánkì tó yọ owó yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, lórí íméèlì, kì í ṣe fóònù nìkan, ẹ gba nọ́mbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí bánkì àpapọ̀, cpd@cbn.gov.ng.

Mà, léèsì yín ṣì wà nínú ọ̀rá tí orúkọ yín wà lára ẹ̀, a ò tà á. Iye tí mo pè é náà ni, màá fi dìsípáàṣì ọ̀fẹ́ kún un, ibikíbi nínú Ìbàdàn. Àmọ́ ẹ bá mi yọ "olè" yẹn kúrò, owó yín ti wà lọ́wọ́ yín látọjọ́ Túsìdé.