Ṣé rúdurùdu ni ẹ́ńtírópì? Àríyànjiyàn lórí omi tó di yìnyín

Ọmọ Ṣáyẹ́ǹsì: Tíṣà físíìsì wa ní gbogbo nǹkan ló ń lọ sí rúdurùdu, pé ohun tí ẹ́ńtírópì jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi inú ọ̀rá tí a gbé sí fírísà á di yìnyín, gbogbo mólékùlù rẹ̀ á sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Kí ló dé tí òfin yẹn kò mú omi?

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni tíṣà yín sọ. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ to ọjà láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo rẹ̀ á ti dàrú. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ kí nǹkan tó dàrú, títò ló ń gba iṣẹ́.

Kọ́lá Alátùn-únṣe Fírísà: Iná mànàmáná ni ìdáhùn. Nǹkan tí a bá fi sílẹ̀ lásán ni òfin yẹn wà fún. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ ló ń fi agbára ti omi lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Bí iná bá lọ, òfin á gba ipò rẹ̀ padà, yìnyín á yọ́.

Àdùnní Chicago: Ẹ má bínú, Bọ̀dá Kọ́lá. Lọ́dọ̀ wa níbí, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ìta máa ń tutù nígbà mìíràn dé dígíríì 18 lábẹ́ òdo. Ẹ gbé ọ̀rá omi kan síta, á gan. Kò sí wáyà, kò sí kọ́mpúrẹ́sọ̀. Ta ló ń tì í?

Bàbá Físíìsì: Àdùnní ti fọwọ́ bà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní omi náà jẹ́ ìdajì lítà, ó sì ti tutù dé òdo. Kó tó lè di yìnyín tán, nǹkan bí 167,000 júùlù ooru gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Láti mọ iye ẹ́ńtírópì tó bá ooru yẹn lọ, ẹ fi ìwọ̀n ìgbóná ibi tó ti jáde pín in. Kẹ́lífìn ni kí ẹ lò o. Ẹni tó bá lo dígíríì lásán, òdo ló máa fi pín, ìṣírò á sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òdo dígíríì jẹ́ 273 kẹ́lífìn. Ẹ fi pín 167,000, ẹ ó rí 612 júùlù fún kẹ́lífìn kan. Ohun tí omi pàdánù nìyẹn. Ooru kan náà wọ inú afẹ́fẹ́ ìta Chicago tó wà ní 255 kẹ́lífìn. Ẹ fi ìyẹn pín in, ẹ ó rí 655. Afẹ́fẹ́ jèrè ju ohun tí omi pàdánù lọ, pẹ̀lú 43. Ohun tí òfin náà ń béèrè nìyẹn: bí a bá ro ti omi àti ti ibi tí ooru rẹ̀ lọ pọ̀, àpapọ̀ ẹ́ńtírópì wọn kò gbọ́dọ̀ dín kù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí ìta gbóná díẹ̀, kó jẹ́ dígíríì 5 lókè òdo, ìyẹn 278 kẹ́lífìn. Èrè afẹ́fẹ́ á wálẹ̀ sí 601, kò sì tó 612. Omi kò ní gan, yìnyín tó bá wà níbẹ̀ ni yóò yọ́. Omi kan náà ni, àdánù kan náà ni. Ibi tí ooru ń lọ ló pinnu rẹ̀. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ omi nìkan, tó ń wò ó bóyá ó tò tàbí kò tò, kò ní mọ ìdí tí ó fi ń gan lónìí tí ó sì ń yọ́ lọ́la.

Kọ́lá Alátùn-únṣe Fírísà: Ọ̀gá, ṣé iná ò wá ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀ ni?

Bàbá Físíìsì: Ó ṣe nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó borí òfin. Ilé ìdáná kan ní Ìbàdàn lè wà ní dígíríì 30, ìyẹn 303 kẹ́lífìn. Kò sí ibi tó tutù tí ooru omi lè sá lọ níbẹ̀. Fírísà ló dá ibi tútù yẹn sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, ní 255 kẹ́lífìn, ó sì gbọ́dọ̀ kó ooru tó gbà jáde sínú ilé. Ká ní 167,000 júùlù yẹn nìkan ló kó jáde, èrè ilé á jẹ́ 551, èyí tí kò tó 612 tí omi pàdánù rárá. Kò lè ṣẹlẹ̀. Fún irú fírísà tó wà ní 255 yìí, ó kéré tán, ooru tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 198,000 júùlù. Iná ló ń san 31,000 tó lé yẹn. Fírísà tòótọ́ sì máa ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kọ́lá Alátùn-únṣe Fírísà: Èyí yé mi. Abájọ tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa ń gbóná. Bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, tàbí tí eruku bo irin yẹn, ooru ò ní ríbi gbà jáde, kọ́mpúrẹ́sọ̀ ò sì ní sinmi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí láàyè kí n béèrè. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn fírísà sílẹ̀ lọ́sàn-án, ṣé yàrá ò ní tutù?

Kọ́lá Alátùn-únṣe Fírísà: Rárá, ìyá wa. Ohun tó ń gbà níwájú ló ń tú jáde lẹ́yìn, pẹ̀lú ooru iná tó ń jẹ. Bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá wà ní títì, yàrá náà á gbóná sí i ni.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Mo gba ìṣírò yín, ṣùgbọ́n mi ò ní ju ọ̀rọ̀ rúdurùdu nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ nílò ohun tó lè fojú inú rí. Gáàsì tó jò láti inú sílíńdà tàn ká gbogbo yàrá. Rúdurùdu nìyẹn.

Bàbá Físíìsì: Tíṣà, ẹ kọ́ wọn ní kíkà dípò rẹ̀. Ẹ fi mólékùlù gáàsì mẹ́wàá sínú àpótí, kí ẹ fojú inú pín in sí ọ̀tún àti òsì. Ọ̀nà 1,024 ni wọ́n lè gbà wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi wà lósì, 252 sì ni márùn-ún fi wà lósì tí márùn-ún wà lọ́tùn-ún. Gáàsì kò fẹ́ràn rúdurùdu, ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà tó tàn ká ló pọ̀. Ohun tí Boltzmann, onímọ̀ físíìsì, rí nìyẹn, òun ni wọ́n sì gbẹ́ sórí sàréè rẹ̀ ní Vienna: S = k log W. S ni ẹ́ńtírópì, k jẹ́ nọ́ńbà kan tí kì í yí padà, W sì ni iye ọ̀nà. Ooru tó wọ ibi tútù ń ṣí ọ̀nà tuntun sílẹ̀ ju ti ibi gbígbóná lọ, nítorí ọ̀nà tó ti wà ní ṣíṣí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi ń fi ìwọ̀n ìgbóná pín ooru nìyẹn.

Ní ti ìsọ̀ Ìyá Ìbejì, ọwọ́ oníbàárà ló ń da ọjà rú. Ooru kò lè ti agolo mílíìkì kúrò lórí pẹpẹ. Ẹ́ńtírópì agolo tó dùbúlẹ̀ àti ti èyí tó dúró kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Àdùnní Chicago: Ó ku ibì kan. Nígbà mìíràn omi inú ike á ti tutù kọjá òdo, síbẹ̀ kò ní gan. Bí ẹ bá wá gbá ike náà mọ́lẹ̀, á di yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ìṣírò yín ti ní kó gan tipẹ́.

Bàbá Físíìsì: Ibi tí nǹkan ń lọ ni ìṣírò yẹn sọ, kò sọ ìgbà tó máa débẹ̀. Yìnyín nílò èérún kékeré kan tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá mọ́ tí kò sì mì, ó lè pẹ́ kí èérún yẹn tó yọjú.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi epo pupa dán yín wò. Ẹ po epo mọ́ omi, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Á yà sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ pé ooru tó jáde ló fà á, nítorí ooru ibẹ̀ kò tó nǹkan.

Bàbá Físíìsì: Òótọ́ ni, wíwá èrè nínú afẹ́fẹ́ ò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Inú omi fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá a. Àwọn mólékùlù omi tó yí epo ká kò lè yí síbi tó wù wọ́n bíi ti àwọn yòókù. Bí epo bá kó ara rẹ̀ jọ, ojú tí omi fi kàn án á dín kù, omi púpọ̀ á sì gba òmìnira. Iye ọ̀nà omi tó pọ̀ sí i borí èyí tí epo pàdánù.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Báwo wá ni epo ṣe ń dí omi lọ́wọ́ yíyí gan-an?

Bàbá Físíìsì: Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn sí. Àwọn kan ní omi máa ń to ara rẹ̀ yí epo ká bí ẹni to yìnyín. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àyè tí omi gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún epo ló ṣe kókó. Èmi fara mọ́ ti àyè yẹn jù.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Ti títò ló wọ̀ mí létí jù.