Àbàwọ́n funfun lára ẹran inú fírísà

"Ẹran tó bá ti ní àbàwọ́n funfun nínú fírísà ti di májèlé, ẹ dà á nù."

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣe ni yìnyín ojú ẹran di oru láìkọ́kọ́ yọ́, tí ibẹ̀ sì gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ráyè kàn án. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ se ìyókù. Adùn ló dínkù.

Omi pupa tó ń ṣàn bí ẹran bá ń yọ́ yàtọ̀. Ẹran tó pẹ́ kó tó dì ni yìnyín inú rẹ̀ máa ń tóbi, tí yóò sì ya ara ẹran. Nítorí náà, ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, ẹ má tò ó léra títí yóò fi dì ní -18 °C.

Èyí tó yọ́ nígbà tí iná lọ, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí 2 lọ, ni kí ẹ dà nù.