Iye owó tó wà nínú ẹ̀rọ kì í ṣe ipò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ipò àti ìkọjá ṣàpèjúwe ẹ̀rọ tó ń dá tajà ló gbà pé gbogbo iye owó tí oníbàárà lè fi sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òbìrí tirẹ̀ nínú àwòrán, níbi tí òbìrí ti dúró fún ipò, tí ọfà sì dúró fún ìkọjá láti ipò kan sí òmíràn. Òbìrí kan fún òfo, òmíràn fún pẹ́ńsì 5, òmíràn fún 10, títí yóò fi dé iye ọjà. Bí wọ́n ṣe máa ń yà á sójú pátákó nìyẹn, ó sì rọrùn níbẹ̀ torí pé owó ẹyọ méjì péré ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lé ẹ̀rọ ohun mímu kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye ìgò kan jẹ́ pẹ́ńsì 120. Ẹ̀rọ náà ń gba ẹyọ owó mẹ́fà: pẹ́ńsì 5, 10, 20 àti 50, pẹ̀lú pọ́ùn 1 àti pọ́ùn 2. Láti 0 dé 120, òbìrí 25 nìyẹn. Ọfà mẹ́fà ló ń jáde láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 24 tí kò tíì dé 120, ìyẹn ọfà 144, a kò sì tíì ka bọ́tìnì tó ń dá owó padà, tàbí ẹni tó ju pọ́ùn 2 sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọjà bá wá di 135, àfi ká tún àwòrán yà. Bí ọjà méjì bá sì wà tí iye wọn yàtọ̀, èwo nínú àwọn òbìrí náà ni òpin?

Ohun tó ń sọ ipò kan di ọ̀tọ̀ ni pé ẹ̀rọ ń fèsì tó yàtọ̀ sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Ní pẹ́ńsì 40 àti ní 45, ẹyọ tó bá wọlé á kún un, bọ́tìnì ọjà kò ní í gbé nǹkan jáde, bọ́tìnì ìdápadà á sì dá owó padà. Ipò kan ṣoṣo ni méjèèjì. Owó fúnra rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń rántí, ẹ̀ṣọ́ tó wà lórí ọfà ló sì ń wo nọ́ńbà náà kó tó jẹ́ ká kọjá. David Harel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, lo irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tó gbé jáde lọ́dún 1987, UML, èdè àwòrán tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ètò kọ̀ǹpútà, sì gbà á. Ipò mẹ́rin ló kù: ń dúró, ó ti gba owó, ń gbé ọjà jáde, ń dá owó padà. Láti inú "ó ti gba owó," bọ́tìnì ọjà ní ọfà mẹ́ta:

```
te [owo < iye] / fi_iye_han
te [owo >= iye && lePada(owo - iye)] / gbe
te [owo >= iye && !lePada(owo - iye)] / ko
```

Ohun tó wà nínú àmì onígun ni ẹ̀ṣọ́, ohun tó tẹ̀lé ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ máa ṣe. `te` ni pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnì ọjà; `lePada` ń béèrè bóyá ẹ̀rọ lè fi ẹyọ tó wà nínú rẹ̀ san ṣéńjì náà gééré.

Ẹ̀ṣọ́ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Bí ẹnì kan bá kọ `owo > iye` dípò `owo >= iye`, ẹni tó fi 120 gééré sí i kò ní rí ọfà kankan tó máa gbà á. Ẹ̀rọ á dákẹ́, kò ní sọ pé àṣìṣe wà. Ẹ dán 115, 120 àti 125 wò, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó le jù ni `lePada`. Oníbàárà fi pọ́ùn 2 sí i, ṣéńjì rẹ̀ jẹ́ 80. Nínú ọpọ́n ṣéńjì, ẹyọ 50 kan àti ẹyọ 20 méjì ló wà, àpapọ̀ 90. Ẹ̀ṣọ́ tó bá kàn béèrè bóyá àpapọ̀ ṣéńjì tó 80 á ní bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ kò sí bí ẹyọ mẹ́ta yìí ṣe lè di 80. Bí ẹyọ 20 bá wá di mẹ́rin, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ètò tó bá máa ń kọ́kọ́ mú ẹyọ tó tóbi jù á mú 50, á mú 20, á sì há síbi 10 tó kù. Ó gbọ́dọ̀ lè fi 50 sílẹ̀ kó mú 20 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀ṣọ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ san ẹyọ kankan bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: ìbéèrè ni, kì í ṣe iṣẹ́.

Òbìrí fún iye kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, bí ẹ̀rọ tí a ń kọ́ kò bá ní ibi ìrántí mìíràn yàtọ̀ sí ipò tó wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ẹ̀ṣọ́ sọ "ń gbé ọjà jáde" di nọ́ńbà lásán. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni mọ́tò fi ń yí, ẹni tó ń kánjú sì lè tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ipò yẹn, `te` kò ní ọfà rárá, ìgò kejì kò sì ní jáde.